Ajá Ilé Àti Àwọn Ọmọ Wa Kéékèèké

Ẹ̀kọ́ wa fún ìdá mẹ́rin ọdún yìí dá lórí ohun kan tí ó wà nínú àgbàlá ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a kì í sì í ronú sí títí tí yóò fi di ẹkún. Ohun náà ni ajá ilé àti àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n jọ ń gbé. Mo fẹ́ kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé mi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ọmọ ọdún 3 ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin nígbà náà. Ajá kan wà nílé wọn tí ó ti ń ṣọ́ ilé kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Bíńgò ni wọ́n ń pè é. Bí àlejò bá béèrè bóyá ajá náà máa ń géni jẹ, gbogbo ilé á dáhùn pé, “Rárá o, Bíńgò kì í ṣe nǹkankan, ó mọ àwọn ọmọ.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin mi gbé ẹ̀bà àti eegun sínú abọ́ ajá náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì padà sídìí ààrò láti ro àmàlà. Ọmọ kékeré náà jáde tẹ̀lé e, ó jókòó ti ajá náà, ó sì na ọwọ́ láti fọwọ́ pa á lórí bí ó ti ń jẹun lọ́wọ́. Lójijì, Bíńgò bù ú jẹ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé, “Kò kùn, kò gbó, ó kàn ṣàdédé bù ú jẹ ni.” Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi, nítorí ajá kì í sábà ṣàdédé. Ọdún púpọ̀ tí mo fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì ti kọ́ mi pé bí àwọn àgbà kò bá mọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, kí á béèrè lọ́wọ́ ọmọdé. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, mo bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ó ní, “Màmá àgbà, ó máa ń kùn tẹ́lẹ̀ tí a bá súnmọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí ó kùn mọ́ ọn, Dádì nà án gan-an. Láti ìgbà yẹn, kì í kùn mọ́.”

Ẹ̀yin ìyá, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wa wà.

1. KÍKÙN AJÁ, ÌKÌLỌ̀ NI

Bàbá ọmọ náà kò ṣe é pẹ̀lú ìwà ìkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń rò ni ó rò, pé ajá tí ó bá kùn mọ́ ọmọ olówó rẹ̀ ti ya aláfojúdi. Ṣùgbọ́n ajá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé, “Jọ̀wọ́, fi mí sílẹ̀.” Kíkùn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá nà án nítorí pé ó kùn, a kò mú ohun tí ó ń bí i nínú kúrò. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ nìkan ni a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn tí inú bá tún bí i, eyín ni yóò kù fún un láti fi sọ̀rọ̀.

Bí ajá bá kùn mọ́ ọmọ, ẹ má lù ú, ẹ má sì bú ọmọ náà. Ẹ pe ọmọ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí ó fà á, ṣé oúnjẹ ni, ṣé oorun ni, ṣé ara rẹ̀ ló ń dùn ún ni, kí ẹ sì ṣètò kí irú rẹ̀ má baà wáyé mọ́.

Kí ó tó kùn pàápàá, ajá máa ń fi ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè yí orí kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Ó lè máa fi ahọ́n lá imú ara rẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀, tàbí kí ó máa yán nígbà tí oorun kò kùn ún. Ó lè di etí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kí ó sì ká ìrù sábẹ́. Bí ẹ bá rí i tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó ti ń wo ọmọ lóòró, àmì ni pé kò fẹ́ ohun tí ọmọ náà ń ṣe. Èyí tí ó léwu jù nínú gbogbo wọn ni kí ajá dúró gbagidi lójijì, kí gbogbo ara rẹ̀ le, kí ó sì dáwọ́ jíjẹ oúnjẹ dúró láìgbé ẹnu kúrò nínú abọ́. Nígbà tí mo tún béèrè, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sọ pé Bíńgò dúró báyìí kí ó tó bu àbúrò òun jẹ. Ó ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àgbà kankan níbẹ̀ tí yóò gbọ́.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìrù nìkan. Bí ara bá dẹ̀, tí ìrù sì ń jù fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ pẹ̀lú ìdí, inú ajá náà dùn. Ṣùgbọ́n bí ara bá le, tí ìrù nà sókè tí ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ajá náà kò ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

2. ÈTÒ TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ

Àwọn àgbà sọ pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ọmọ ọdún 3 lè ka òfin fún ọ láìṣe àṣìṣe, kí ó sì rú u lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Nítorí náà, òfin kọ́ ni yóò dáàbò bo ọmọ kékeré bí kò ṣe àgbà àti ìlẹ̀kùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ajá, ìbáà jẹ́ ajá tí ó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ tó báwo. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ yín yóò tètè tó ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ro ọkà, tàbí kí ẹ lọ dáhùn ẹni tí ó kan géètì, ẹ mú ọ̀kan nínú wọn lọ, tàbí kí ẹ ti ìlẹ̀kùn sí àárín wọn. Bí ó ti rí náà ni fún ọmọ ọwọ́ tí a tẹ́ sórí ẹní.

Ọmọ kékeré kò ga ju ajá lọ púpọ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń bá ẹnu ajá dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé lójú, lórí àti lọ́rùn ni ajá sábà máa ń bu àwọn ọmọ kékeré jẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ni ti àgbàlagbà. Ajá tí wọ́n sì mọ̀ dáadáa ni ó sábà máa ń ṣe é, kì í ṣe ajá ìgboro.

Ní ti oúnjẹ, àgbà ni kí ó máa fún ajá ní oúnjẹ. Ẹ má rán ọmọdé. Ẹ gbé abọ́ náà sí ibi tí kì í ṣe ojú ọ̀nà, kí gbogbo ọmọ wà nínú ilé títí ajá yóò fi jẹun tán tí ẹ ó sì ti gbé abọ́ kúrò nílẹ̀. Eegun lè wà nílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà bí ẹ bá fún un ní eegun, ibi tí ọmọ kò lè dé ni kí ó ti jẹ ẹ́.

Ní ti ajá tí a so mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ wa máa ń so ajá lọ́sàn-án, a sì máa ń tú u sílẹ̀ lóru kí ó lè ṣọ́ ilé. Ajá tí a so kò lè sá kúrò níwájú ohun tí ń bà á lẹ́rù, nítorí náà jíjà nìkan ni ó kù fún un. Bí àwọn ọmọ bá ń sọ òkò lù ú tàbí tí wọ́n ń sáré kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń kọ́ ọ ní ìjà ni. Ẹ na okùn tàbí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, kí ẹ fi ìṣísẹ̀ méjì kún un, kí ẹ sì to òkúta yí ká ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé inú àyíká òkúta yẹn ni yàrá ajá, kò sì sí ẹni tí ń wọ yàrá ẹlòmíràn láìjẹ́ pé a pè é. Ẹ rí i pé ibòji àti omi wà níbẹ̀, kí ẹnì kan sì máa mú un rìn jáde lójoojúmọ́, nítorí ajá tí a so láti àárọ̀ di alẹ́ a máa ya oníjàgídíjàgan.

Bí abo ajá bá bímọ, ẹ pààlà sí ibẹ̀ lọ́nà kan náà. Ajá tí kò bínú rí lè bu ọmọ jẹ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀.

3. BÍ A ṢE LÈ KỌ́ ÀWỌN ỌMỌ

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í dúró lórí ọmọ kékeré. Ohun tí ara rẹ̀ bá ti ṣe léraléra ni ó máa ń rántí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn ní ohun mẹ́ta péré, kí a sì máa fi ṣeré.

Èkíní ni pé, “Pè é, má lọ bá a.” Bí ọmọ bá fẹ́ fọwọ́ kan ajá, kí ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ àgbà. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró sí ibi tí ó wà, kí ó fọwọ́ lu itan, kí ó sì pe orúkọ ajá. Bí ajá bá wá, ó dára. Bí kò bá wá, ó ti sọ pé òun kò fẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí a bá ti kọ́ ọmọ ní èyí, kò ní lọ bá ajá tí ó ń jẹun, tí ó ń sùn, tí a so mọ́lẹ̀, tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Èkejì ni pé, “Ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí o sì dáwọ́ dúró.” Kí ọmọ fọwọ́ pa ajá lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn tàbí láyà, kì í ṣe lórí, kí ó ka ení dé ẹ̀ta, kí ó wá gbé ọwọ́ kúrò. Bí ajá bá tún súnmọ́ ọn, ó ń fẹ́ sí i. Bí ó bá kúrò tàbí tí ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti tó. Ọmọ kò gbọdọ̀ dì mọ́ ajá lọ́rùn, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kò gbọdọ̀ gùn ún bí ẹṣin, kò sì gbọdọ̀ fà á ní etí tàbí ní ìrù. Àwa ènìyàn fẹ́ràn kí á dì mọ́ ara wa, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ajá, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a fẹ́ mú wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni eré “Igi àti Ìjàpá”. Bí ọmọ bá ń sáré tí ó sì ń ké, ajá yóò lé e. Nítorí náà, bí ajá tí kò mọ̀ bá ń bọ̀, tàbí tí ajá ilé bá ń fò mọ́ ọn, kí ó di igi. Kí ó dúró ṣinṣin, kí ó ká apá mọ́ àyà, kí ó máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí ó má sọ̀rọ̀, kí ó má sì wo ajá lójú. Ọ̀pọ̀ ajá á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Bí ajá bá ti bì í ṣubú, kí ó di ìjàpá. Kí ó dojú bolẹ̀, kí ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ikùn, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí àti ẹ̀yìn ọrùn, kí ó sì dákẹ́ títí ajá yóò fi lọ. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jọ sí àgbàlá, kí àgbà kan ṣe bí ajá, kí ẹ pè é jáde lójijì pé “Igi!” tàbí “Ìjàpá!” Ẹ ó rí i pé wọn yóò máa bẹ̀ yín pé kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi èyí kún un: ọmọ tí ajá bu jẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù láti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa fi ojú ọgbẹ́ pamọ́ nítorí pé wọ́n ti fi ajá ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù ẹgba. Ìfipamọ́ yìí lè gba ẹ̀mí ọmọ, bí ẹ ó ti rí i nísinsìnyí.

4. BÍ AJÁ BÁ TI BU ỌMỌ JẸ

Ajá dìgbòlugi ni olórí ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni ó ń gbé e wọ ojú ọgbẹ́, ó sì ń bá ọ̀nà iṣan lọ sínú ọpọlọ. Ó sábà máa ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí àmì rẹ̀ tó hàn, ṣùgbọ́n ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí ojú ọgbẹ́ bá wà lórí tàbí lójú. Bí àmì bá ti hàn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ẹnikẹ́ni tó là á já. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè ṣe ohun tí ó yẹ kí àmì tó hàn, a lè dènà rẹ̀. Láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur gún ọmọ ọdún 9 kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé tí ọmọ náà sì yè, ni a ti mọ̀ pé ọ̀nà wà.

Ohun àkọ́kọ́ ni omi àti ọṣẹ. Ẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa wo aago. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa da omi láti inú kẹ́tùlù tàbí ife, kí ẹnì kejì máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú 15 gùn púpọ̀ nígbà tí ọmọ ń ké, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n fífọ̀ yìí ni ó ń fọ púpọ̀ nínú àrùn náà kúrò. Ẹ má fi ata, epo pupa, irun ajá tí a jó, tàbí àgúnmu kankan sí i. Ní ti ẹ̀jẹ̀, bí ó bá ń dà púpọ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ohun kejì ni ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ-ọmọ mi lọ kò ní abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀, wọ́n sì ní kí a padà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. A kò gbà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lálẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí pé ojú ni ọgbẹ́ náà wà, wọ́n gún irú abẹ́rẹ́ kan sí ojú ọgbẹ́ náà gan-an, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí i lára. Wọ́n ní kí a tún wá ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ ọjọ́ àwọn tí ó kù sínú káàdì. Ẹ má ṣe fo ọjọ́ kankan nítorí pé ojú ọgbẹ́ ti jinná. Bí ajá bá sì ha ọmọ lára tí ẹ̀jẹ̀ yọ, tàbí tí ó lá ojú egbò, ẹ ka òun náà sí, kí ẹ sì lọ.

Ohun kẹta ni ajá náà. Bàbá ọmọ ti gbé igi láti pa Bíńgò. Mo ní kí ó so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó sì máa fún un ní oúnjẹ àti omi. Bí ajá tí ó bu ènìyàn jẹ bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó buni jẹ. Bí a bá pa á, a ti pa ẹlẹ́rìí wa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ 10 náà dúró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ pọ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, bí ìwà ajá náà bá yí padà, tí ó ń dá itọ́, tí kò lè gbé oúnjẹ mì, tí ohùn rẹ̀ yí, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ó lọ fara pamọ́ sínú òkùnkùn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe dókítà àwọn ẹranko. Bí ó bá kú, ẹ má kun ún, ẹ má sì jẹ ẹ́. Dókítà náà yóò mú un láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí a wá káàdì abẹ́rẹ́ Bíńgò, a rí i pé ó ti lé ní ọdún kan àti oṣù méje tí wọ́n ti gún un kẹ́yìn. Bí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta ni a ń gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́, a ó sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Ẹ yọ káàdì ajá yín wò lónìí kí ẹ tó sùn.

BÍ Ó TI PARÍ

Bíńgò pé ọjọ́ 10, ara rẹ̀ le. Dókítà ilé ìwòsàn gbọ́, ó sì ní kí a dá abẹ́rẹ́ ọmọ náà dúró síbi tí ó dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, àpá kékeré kan sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to òkúta yí ibi tí a ń so ajá ká, òun náà ni ó sì ń gbé oúnjẹ fún un lẹ́yìn tí ó bá ti ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó wá sọ fún mi pé Bíńgò tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ènìyàn bá súnmọ́ abọ́ rẹ̀. Mo ní, “Kí lo wá ṣe?” Ó ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mà, mo sì yà fún un.”

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ajá ilé yín máa ń ṣe bí ọmọ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu? Èwo nínú àwọn àmì tí a kà ni ẹ ti rí rí?
2. Ta ni ó ń fún ajá ní oúnjẹ nílé yín, níbo sì ni àwọn ọmọ máa ń wà nígbà náà?
3. Ilé ìwòsàn wo ní agbègbè wa ni ó ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nílẹ̀? Kí ẹni méjì lọ béèrè kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí a sì kọ ọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn wa.
4. Kí a pe àwọn ọmọ wọlé, kí a sì ṣe eré “Igi àti Ìjàpá” pẹ̀lú wọn kí a tó túká.